Bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè okùnfà àti ìbéèrè ìfàyọ: àyọkà kan lórí aránṣọ tuntun

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pàdánù máàkì nínú àkàyé, kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n ka àyọkà náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì yé wọn. Oríṣi ìbéèrè méjì ló ń gbé wọn ṣubú. Èkíní ni èyí tó ní kí wọ́n sọ ohun tó fa nǹkan. Èkejì ni èyí tó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n lè fà yọ, ìyẹn ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ ní tààrà ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ka sí. Nínú ti èkíní, wọ́n á mú ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di okùnfà. Nínú ti èkejì, wọ́n á kọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn fúnra wọn, wọ́n á ní àyọkà ló sọ ọ́.

Àyọkà kan ṣoṣo la ó lò níbí, a ó sì tú u palẹ̀. A kọ ọ́ fún ìdánrawò ni. Àṣàkẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Nọ́ńbà tó ṣáájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún ìtọ́kasí.

Àyọkà

(1) Nígbà tí Àṣàkẹ́ parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó ra ẹ̀rọ àlòkù kan, ó sì gbé e sí yàrá iwájú ilé wọn, lẹ́bàá fèrèsé, nítorí kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́. Ní oṣù kìíní, èèyàn 7 ló gbé iṣẹ́ wá. Mẹ́rin nínú wọn kò mú aṣọ tuntun wá. Síìpù tó bàjẹ́ tàbí etí aṣọ tó tú ni wọ́n ní kó bá wọn ṣe.

(2) Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú ìrán nígbàkígbà tó bá kan aṣọ tó nípọn. Ní àárọ̀, Àṣàkẹ́ kán òróró sí i. Kò yí padà. Ó pààrọ̀ òwú; ó ṣì ń fò. Nígbà tó di ọ̀sán, ó tú abẹ́rẹ́ inú rẹ̀, nọ́ńbà 11, ó fi ìka kan ṣóńṣó rẹ̀, ó rí i pé ó ti kújú. Ó mú abẹ́rẹ́ tuntun, nọ́ńbà 16, ó fi sí i. Láti ìgbà náà, ojú ìrán kankan kò fò mọ́.

(3) Aṣọ tó rán kẹ́yìn lóṣù náà jẹ́ ti obìnrin kan tó mú aṣọ òwú wá. Lọ́jọ́ tó wá gbé e, ó wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ó sì bá a mu rẹ́gí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé e padà wá. Ó ní ó ń há òun láyà, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti gòkè. Òórùn ọṣẹ ṣì wà lára aṣọ náà. Àṣàkẹ́ mú téèpù, ó wọn àyà obìnrin náà: ínṣì 36, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n. Àyà aṣọ tó jẹ́ ínṣì 38 lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 36. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi èyí tó ṣẹ́kù nínú ìránpọ̀ fẹ̀ ẹ́, kò sì gba owó. Láti ọjọ́ náà, abọ́ omi ńlá kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó na okùn kan sẹ́yìn ilé, aṣọ òwú kankan kì í sì í dé orí tábìlì ìgéṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá.

(4) Ní oṣù kejì, èèyàn 9 ló wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ó fi aṣọ kan tó rán kọ́ ojú fèrèsé kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Lóṣù yẹn kan náà, ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí fẹ́ wọlé lẹ́yìn ìsinmi. Èèyàn 18 ló gbé iṣẹ́ wá; 10 nínú wọn fẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ wọn. Nígbà tí oṣù parí, Àṣàkẹ́ ṣí ìwé rẹ̀, ó yọ 10 kúrò nínú 18, ó fa ìlà sábẹ́ 8 tó kù, ó sì pinnu pé òun kò tíì ní gba ọmọ iṣẹ́.

Kíkà àkọ́kọ́: ẹ wá ohun tó yí padà

Ẹ má wo ìbéèrè ná. Ẹ ka àyọkà náà tán lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa ohun tó yí padà níbẹ̀. Fún ìpínrọ̀ 2: ẹ̀rọ ń fo ojú ìrán, ó dẹ́kun. Fún ìpínrọ̀ 3: aṣọ bá a mu, ó wá há; Àṣàkẹ́ sì yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà. Fún ìpínrọ̀ 4: èèyàn pọ̀ sí i, síbẹ̀ kò gba ọmọ iṣẹ́. Ìpínrọ̀ 1 kò ní ìyípadà kan tó lágbára. Ó kàn ń fi ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ hàn ni.

Ìdí tí èyí fi wúlò ni pé ìbéèrè okùnfà kì í jìnnà sí ibi tí nǹkan ti yí padà. Ẹni tó bá ti mọ ibẹ̀ kò ní máa wá ìdáhùn kiri gbogbo ìwé nígbà tí aago bá ń lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tan ni jẹ

Ẹ fi ojú sí "nítorí". Ó ní iṣẹ́ méjì. "Nítorí pé" ń sọ ohun tó fa nǹkan, ohun tó ti wà ṣáájú. "Nítorí kí" ń sọ ohun tí ẹnì kan ń fẹ́, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Nínú ìpínrọ̀ 1, Àṣàkẹ́ gbé ẹ̀rọ sẹ́bàá fèrèsé "nítorí kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́". Èròǹgbà rẹ̀ nìyẹn. Bí ìbéèrè bá ní "Kí nìdí tó fi gbé ẹ̀rọ síbẹ̀?", ìdáhùn tó pé ni pé ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa tàn sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ "nítorí pé yàrá náà ṣókùnkùn" ti fi kún un. Àyọkà kò sọ pé ó ṣókùnkùn.

"Nígbà tí", "lẹ́yìn" àti "láti ìgbà náà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ okùnfà. Àkókò ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni pé òǹkọ̀wé máa ń fi okùnfà pamọ́ sẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn gbè é kí a tó gbà á. Èdè wa tún máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra láìsí "nítorí" kankan láàárín wọn: "Ó kán òróró sí i, kò yí padà. Ó pààrọ̀ òwú; ó ṣì ń fò." Òǹkàwé ló máa so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ìbéèrè okùnfà kìíní: kí ló mú kí ẹ̀rọ dẹ́kun fífo ojú ìrán?

Ohun mẹ́ta ni Àṣàkẹ́ ṣe: òróró, òwú, abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ló ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dára. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ṣáájú ni okùnfà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa kọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ó kán òróró sí i, ó pààrọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́." Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, nítorí pé àyọkà fúnra rẹ̀ ti yọ méjì kúrò. Lẹ́yìn òróró, kò yí padà. Lẹ́yìn òwú, ó ṣì ń fò. Abẹ́rẹ́ nìkan ló kù.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tó jẹ́ ká lè dáhùn ni pé Àṣàkẹ́ ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dán ẹ̀rọ wò lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ó pààrọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àyọkà kò ní lè sọ fún wa èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

A tún lè sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Ọ̀nà méjì ni abẹ́rẹ́ àtijọ́ fi yàtọ̀ sí tuntun: ó ti kújú, ó sì tún tínrín, nítorí nọ́ńbà 11 kéré sí 16. Àwọn aránṣọ mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì tó láti mú kí ẹ̀rọ máa fo ojú ìrán lórí aṣọ tó nípọn: abẹ́rẹ́ tó kújú kì í gún aṣọ wọlé dáadáa, èyí tó tínrín jù sì máa ń tẹ̀ lábẹ́ aṣọ líle, kò ní lè pàdé ìkọ́ tó ń mú òwú nísàlẹ̀ ẹ̀rọ níbi tó yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Àṣàkẹ́ yí méjèèjì padà pọ̀. Nítorí náà, ìdáhùn tó ṣe rẹ́gí ni: "Abẹ́rẹ́ ló fà á. Ó ti kújú, ó sì kéré fún aṣọ tó nípọn. Nígbà tó fi tuntun tó tóbi jù ú lọ sí i, ẹ̀rọ dẹ́kun fífò." Ẹni tó bá kọ pé kíkú tó kújú nìkan ló fà á ti sọ ju ohun tí àyọkà fi hàn lọ.

Ìbéèrè okùnfà kejì: kí ló mú kí aṣọ há obìnrin náà?

Ìbéèrè yìí le ju ti ìṣáájú lọ nítorí pé kò sí ibi tí òǹkọ̀wé ti dárúkọ okùnfà náà. Ọ̀nà tó dára jù láti yanjú irú rẹ̀ ni pé kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó fà á sórí pépà lásán, kí ẹ sì máa lọ wá ọ̀rọ̀ tó máa pa á rẹ́ nínú àyọkà.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé obìnrin náà sanra. Ẹ wo inú àyọkà: wọ́n wọ̀n ọ́n, ínṣì 36 ni, bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹ fagi lé e. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Àṣàkẹ́ gé aṣọ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tó wá gbé e, ó wọ̀ ọ́ wò, ó sì bá a mu rẹ́gí. Àyà aṣọ náà jẹ́ 38 nígbà yẹn, ìyẹn ni pé ínṣì 2 wà tó máa jẹ́ kó lè mí dáadáa. Ẹ fagi lé ìyẹn náà. Ó kù kó jẹ́ pé aṣọ fúnra rẹ̀ ló yí padà. Kí ló gbè é? 38 di 36. Etí ìsàlẹ̀ gòkè, tó túmọ̀ sí pé kì í ṣe fífẹ̀ aṣọ nìkan ló dín kù, gígùn rẹ̀ náà dín kù. Aṣọ òwú sì ni. Òórùn ọṣẹ wà lára rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ti wọnú omi.

Ohun tí àyọkà fún wa nìyẹn. Ohun tí a fi kún un láti ọ̀dọ̀ ara wa kò ju ọ̀kan lọ, ó sì jẹ́ ohun tí gbogbo ẹni tó ti fọ aṣọ rí mọ̀: aṣọ òwú tí kò tíì wọnú omi rí lè súnkì nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ìdáhùn: "Aṣọ òwú náà súnkì nígbà tí obìnrin náà fọ̀ ọ́, nítorí Àṣàkẹ́ kò rẹ ẹ́ sómi kó tó gé e." Apá kejì gbólóhùn yẹn, báwo la ṣe mọ̀ ọ́n? Nínú ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni, tí a fẹ́ dé báyìí.

Ìbéèrè ìfàyọ: kí ni abọ́ omi àti okùn náà wà fún?

Ìfàyọ tó dúró dáadáa ní ẹsẹ̀ méjì: ọ̀rọ̀ kan tí ẹ lè fi ìka tọ́ka sí nínú àyọkà, àti ohun kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ìdáhùn á wó.

Níbí, àyọkà ní abọ́ omi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, okùn wà lẹ́yìn ilé, aṣọ òwú kankan kì í sì í dé orí tábìlì ìgéṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá. Ohun tí a mọ̀ ni pé omi máa ń mú kí aṣọ òwú súnkì, aṣọ tó tutù sì nílò àkókò kó tó gbẹ. Ẹ so wọ́n pọ̀: Àṣàkẹ́ ń rẹ aṣọ òwú sómi, ó ń sá a, kó lè súnkì tán kí òun tó gé e. Àìdé orí tábìlì lọ́jọ́ kan náà, àkókò tó fi ń gbẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ ń fò dá ni "aṣọ òwú kankan". Kò sọ pé gbogbo aṣọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ "Ó ń rẹ gbogbo aṣọ oníbàárà sómi" ti kọjá ààlà.

Bí a ṣe ń dán ìfàyọ wò

Ẹ yí gbólóhùn náà padà sí òdì, kí ẹ wá wò ó bóyá òdì náà bá àyọkà jà. Bí kò bá bá a jà rárá, a jẹ́ pé àyọkà kò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ náà, ìfàyọ yín kò sì ní ìdí.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí mẹ́ta wọ̀nyí, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú ìbéèrè onílẹ́tà.

A. Ẹ̀rọ náà ń dà á láàmú nítorí pé àlòkù ni.
B. Àṣàkẹ́ gbà pé ọwọ́ òun ni ìṣòro aṣọ òwú náà ti wá.
D. Inú obìnrin náà dùn nígbà tó ń lọ.

Òdì A ni pé àlòkù tó jẹ́ kọ́ ló fa ìṣòro náà. Àyọkà kò bá èyí jà. Kódà ó gbè é, nítorí ẹ̀rọ àlòkù kan náà ni, ìgbà tí wọ́n sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀ dára. Gbólóhùn A ṣubú. Òdì D ni pé inú rẹ̀ kò dùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bá a jà, nítorí obìnrin náà kò sọ nǹkan kan mọ́. D pẹ̀lú ṣubú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sínú ìdẹkùn. Òdì B ni pé kò gbà pé ọwọ́ òun ló ti wá. Báwo ló ṣe wá tún un ṣe láìgba owó, tó sì yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà láti ọjọ́ náà? Òdì yẹn bá àyọkà jà, B ló dúró. Síbẹ̀, "ó jọ pé" ló yẹ ká fi ṣáájú rẹ̀, torí pé ìṣe rẹ̀ la rí, a kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè tó le jù: kí nìdí tí Àṣàkẹ́ kò fi gba ọmọ iṣẹ́?

Ìdáhùn tó máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni "Kò ní owó láti san fún un." Ẹ yí i sí òdì: ó ní owó. Àyọkà kò bá a jà. Ẹ jù ú nù.

Ẹ tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ nínú ìwé: ó yọ 10 kúrò nínú 18, ó fa ìlà sábẹ́ 8. Kí ló yọ? Àwọn tó wá nítorí aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Kí ló dé tó yọ wọ́n? Ilé ẹ̀kọ́ kì í wọlé lóṣooṣù, nítorí náà wọn kò ní wá lóṣù tó ń bọ̀ bí wọ́n ṣe wá lóṣù yìí. Ẹ wá fi 8 wé 9 tó wá ní oṣù kejì. Iṣẹ́ tó máa ń wá ní gbogbo ìgbà kò pọ̀ sí i. Ó tilẹ̀ fi ọ̀kan dín. Ìdáhùn: "Ó rí i pé ìwọlé ilé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ lóṣù kẹta, àti pé láìsí i, iṣẹ́ òun kò tíì ju ohun tí òun lè dá ṣe lọ."

Olùkọ́ tó ń ṣe máàkì ìbéèrè yìí, kí ó pín máàkì náà sí méjì: ọ̀kan fún ìdáhùn, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ inú àyọkà tí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìdáhùn tó tọ̀nà láìtọ́ka sí 8 àti 9 lè jẹ́ pé ó kàn méfò ni, bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò ní rí i ṣe nínú àyọkà mìíràn.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí wọ́n lè bi yín: ṣé aṣọ tó fi kọ́ ojú fèrèsé mú oníbàárà wá? Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èèyàn 8 tí kò wá fún aṣọ ilé ẹ̀kọ́ kò ju 9 ti oṣù kejì lọ, nítorí náà kò sí àmì pé ó mú wọn wá. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé lára 10 tó wá fún aṣọ ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan rí aṣọ ojú fèrèsé náà ni wọ́n fi mọ̀ pé aránṣọ wà nínú ilé yẹn. Àyọkà kò bi wọ́n léèrè. "Àyọkà kò jẹ́ ká mọ̀" ni ìdáhùn tó tọ̀nà, kí ẹ sì kọ ìdí tí kò fi jẹ́ ká mọ̀ sí i.